Ìkórè dín díẹ̀, owó gòkè púpọ̀: àkọsílẹ̀ ọkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1699

Ní ọdún 1699, ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Charles Davenant tẹ ìwé kan jáde lórí òwò àti ọrọ̀ ilẹ̀ náà. Ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó owó orí ọjà, nítorí náà ìṣirò kì í ṣe àjèjì sí i. Nínú ìwé yẹn ló ti fi ìlà márùn-ún péré sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó ọkà nígbà tí ìkórè bá kùnà. Bí ìkórè bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí ti ọdún tó dára, owó ọkà á fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gòkè. Bó bá fi ìdá méjì dín, owó á fi ìdá mẹ́jọ gòkè. Ìdá mẹ́ta á di ìdá mẹ́rìndínlógún, ìdá mẹ́rin á di méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí ìdajì ìkórè bá sì ṣòfò, owó á fi ìdá márùndínláàádọ́ta nínú mẹ́wàá gòkè, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ń rà ní owó mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ á di owó márùndínlọ́gọ́ta.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ Gregory King ni Davenant ti rí ìṣirò yìí. King náà ló ṣírò ní 1696 pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélsì tó nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn méjèèjì fi wà lórí ìlà márùn-ún náà títí di òní. Ẹ má gbàgbé irú àkókò tí wọ́n kọ ọ́. Òtútù àti òjò ti ba oko jẹ́ káàkiri Yúróòpù láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Faransé ní 1693 àti 1694, ó sì mú ní Fínlándì láti 1695 sí 1697. Àwọn tó ń ka ìlà yìí nígbà náà mọ ohun tí ọ̀wọ́n ọkà túmọ̀ sí nínú ilé.

Mo fẹ́ gbé ìlà márùn-ún yìí yẹ̀ wò bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kan wò níwájú adájọ́, nítorí inú rẹ̀ ni mo rò pé a ti lè rí ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ òòjọ́ yàtọ̀ sí ọjà mìíràn. Kó lè rọrùn, mo sọ ìkórè ọdún tó dára di 100, mo sì sọ owó ọdún náà di 100. Òpó kẹta ni mo fi kún un fúnra mi: ìkórè ní ìlọ́po owó, tí mo tún dín kù kí ọdún tó dára lè jẹ́ 100 níbẹ̀ pẹ̀lú.

| Ìkórè | Owó ọkà | Àpapọ̀ owó tí gbogbo ìkórè tó |
|---|---|---|
| 100 | 100 | 100 |
| 90 | 130 | 117 |
| 80 | 180 | 144 |
| 70 | 260 | 182 |
| 60 | 380 | 228 |
| 50 | 550 | 275 |

Ẹ wo òpó kẹta yẹn dáadáa. Bí ọkà ṣe ń dín kù, owó tí gbogbo ènìyàn ń ná lórí ọkà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún tí ìdajì ìkórè ṣòfò, ìlú ná ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ju ohun tó ná ní ọdún tí oúnjẹ kún ilé. Ọjà tó bá ń ṣe báyìí ni à ń sọ pé ìrajà rẹ̀ kì í yẹ̀: owó yí púpọ̀, ìwọ̀n tí a ń rà yí díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ láìní wàhálà, bí aṣọ òde, owó rẹ̀ kì bá tíì gòkè tó bẹ́ẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó pa dà sílé. Nígbà náà, òpó kẹta ìbá máa lọ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn èyí. Alfred Marshall ló sọ ọ́ lórúkọ tó gbajúmọ̀ jù ní 1890, ẹlasítísítì ni à bá pè é lẹ́nu tiwa. Ohun tó jẹ́ kò ju èyí lọ: bí owó bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrajà á fi dín kù? Bí ìdáhùn bá kéré sí 1, ìrajà náà kì í yẹ̀. Bó bá ju 1 lọ, ó ń yẹ̀. Àmì ìyọkúrò máa ń wà níwájú rẹ̀ nítorí pé owó ń gòkè nígbà tí ìrajà ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n màá fi àmì yẹn sílẹ̀ níbí.

Ibi ìṣirò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, mo sì ti rí àwọn àgbà náà tí wọ́n ṣìnà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà ìkẹyìn. Ìkórè fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dín, owó fi ìdá 450 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ẹni tó bá pín 50 sí ọ̀nà 450 á rí 0.11. Tó bá wá mú ìlà àkọ́kọ́, tó pín 10 sí ọ̀nà 30, á rí 0.33. Á wá pariwo pé bí ìyàn ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni ìrajà ń gan sí i, tó fi di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni ìṣirò yẹn pa fún un. Nígbà tí ìyípadà bá tóbi, ibi tí a bá dúró sí ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pinnu ohun tí a máa rí. Láti 100 sí 550, ìdá 450 ni. Láti 550 pa dà sí 100, ìdá 82 péré ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni a rìn.

Ohun tó tọ́ ni pé ká fi àárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ṣe ìpìlẹ̀, ká sì máa gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìkórè lọ láti 100 sí 90, àárín wọn jẹ́ 95. Owó lọ láti 100 sí 130, àárín wọn jẹ́ 115. Nítorí náà:

```
(10 / 95) / (30 / 115) = 0.40
(10 / 85) / (50 / 155) = 0.36
(10 / 75) / (80 / 220) = 0.37
(10 / 65) / (120 / 320) = 0.41
(10 / 55) / (170 / 465) = 0.50
```

Ẹ wò ó bí ìtàn náà ṣe yí pa dà. Nọ́ńbà náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan: ó wà ní nǹkan bí 0.4 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gòkè díẹ̀ níbi tí ìyà ti le jù. Ìrajà kò gan sí i bí ìyàn ṣe ń le. Ní òpin, ó tún ń rọ̀ díẹ̀ ni, a ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ló wá dé tí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó dín fi gbé owó gòkè tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fojú inú wo ọjà ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè tí kò dára. Ọkà tó yẹ kó jẹ́ àpò mẹ́wàá ti di mẹ́sàn-án. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní rí tiẹ̀ rà. Ta ni yóò fi sílẹ̀? Agbára ìkùn ènìyàn ní ààlà ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀, kò ní jẹ ìlọ́po méjì. Bó bá wọ́n, kò lè sọ pé òun á dúró de ọdún tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà gbogbo ilé ló ń gbìyànjú láti ra ìwọ̀n tó ń rà tẹ́lẹ̀, owó sì ń gòkè, ó ń gòkè, títí tó fi rí àwọn tó máa fi àpò kẹwàá yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí owó ń ṣe nìyẹn: ó ń wá ẹni tó máa jáwọ́. Níbi tí àwọn tó lè jáwọ́ bá pọ̀, owó tètè rí wọn. Níbi tí wọn kò bá pọ̀, ó ní láti rìn jìnnà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, àwọn tó kọ́kọ́ jáwọ́ kì í ṣe àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì. Ọkà bálì púpọ̀ ló ń lọ sínú ọtí bíà, ọkà óòtì sì ń lọ sẹ́nu ẹṣin. Apọntí lè pọn díẹ̀, ẹni tó ń sin ẹran lè tà á kó tó sanra. Irú ìlò wọ̀nyí ni aṣọ ìléke tó wà lórí oúnjẹ ènìyàn, òun ni ọ̀wọ́n kọ́kọ́ máa ń ya. Ilẹ̀ tí kò bá ní irú aṣọ ìléke bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé gbogbo ọkà rẹ̀ ló ń lọ sẹ́nu ènìyàn tààrà, owó tirẹ̀ á gòkè ju ti tábìlì yìí lọ fún àdánù kan náà.

Ohun kejì ni pé kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé àlìkámà ní ìrọ́pò, ó sì tọ̀nà. Bí àlìkámà bá wọ́n, ènìyàn lè bọ́ sórí ọkà ráì, kó bọ́ sórí bálì, kó bọ́ sórí óòtì. Èyí ló fà á tí a fi gbọ́dọ̀ bi ẹni tó bá gbé nọ́ńbà kan wá pé: kí gan-an lo wọ̀n? Ìrajà àlìkámà nìkan máa ń yẹ̀ ju ìrajà gbogbo ọkà lápapọ̀ lọ, ìrajà búrẹ́dì funfun sì máa ń yẹ̀ ju ti àlìkámà lọ. Bí a ṣe ń fẹ orúkọ ọjà náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àsálà ń tì, títí a ó fi dé orí “oúnjẹ” tí kò ní ibì kankan tí a lè sá sí. Òjò tó bá ba àlìkámà jẹ́ sì sábà máa ń ba ráì àti bálì jẹ́ pẹ̀lú, tí ìrọ́pò á fi wọ́n ní ọjọ́ kan náà tí a nílò rẹ̀.

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù nínú tábìlì yìí ni ibi tí kò sọ. Àròpọ̀ ìlú ni ìlà márùn-ún náà, àròpọ̀ sì máa ń bo ẹni tó ń jìyà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí mo fi àròsọ dá: iye tó ń wọlé fún wọn jẹ́ 100, wọ́n sì ń ná 50 nínú rẹ̀ lórí ọkà ní ọdún tó dára. Fún alágbàṣe ìgbà náà, ìdajì kì í ṣe àsọdùn. Owó iṣẹ́ wọn kò sì gòkè nítorí pé ọkà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ilé yìí gbìyànjú láti ṣe bí tábìlì ṣe sọ. Ní ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ra ìdá 90 ohun tí wọ́n ń rà, ní owó 130. Ìnáwó wọn lórí ọkà á di 58 ààbọ̀. Ó ku 41 ààbọ̀ fún ilé, igi ìdáná, aṣọ àti ẹran, èyí tó ti ń gba 50 tẹ́lẹ̀. Ó nira, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ní ìlà kejì, wọ́n á ná 72 lórí ọkà. Ní ìlà kẹta, 91: ó ku 9 péré fún gbogbo ohun tó kù láyé. Ní ìlà kẹrin, wọ́n ní láti ná 114, bẹ́ẹ̀ 100 ló ń wọlé.

Kò ṣeé ṣe mọ́ nìyẹn. Bí wọ́n tilẹ̀ kó gbogbo owó wọn lé ọkà lórí, tí wọn kò san owó ilé, tí wọn kò ra igi kan, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á rí. Ní ìlà karùn-ún, ìdá 36 ni. Ṣùgbọ́n tábìlì sọ pé ìlú lápapọ̀ jẹ ìdá 50. Tí ilé aláìní bá jẹ ìdá 36 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn wà níbì kan tí wọ́n jẹ ju 50 lọ, tí àwọn kan nínú wọn kò sì fi nǹkan kan dín oúnjẹ wọn. Olówó tó ń ná 5 nínú 100 rẹ̀ lórí ọkà lè san 27 ààbọ̀ kó má sì dín òkèlè kan kù.

Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ìrajà oúnjẹ òòjọ́ kì í yẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ti ta ni. Ìwé kíláàsì máa ń sọ pé ìrajà ọjà kì í yẹ̀ bí ọjà náà bá ń gba díẹ̀ nínú owó tó ń wọlé, bí iyọ̀. Òótọ́ ni fún iyọ̀. Ọkà tálákà kò bá òfin yẹn mu rárá: ó ń gba ìdajì owó rẹ̀, síbẹ̀ ó dì í mú títí agbára rẹ̀ fi pin. Àwọn nǹkan mìíràn ló kọ́kọ́ jù sílẹ̀, ẹran lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà aṣọ. Ìgbà tí kò bá sí ohun tó kù láti jù sílẹ̀ ni ó tó dín ọkà kù, nígbà yẹn kì í ṣe pé ó yàn bẹ́ẹ̀, owó ló tán. Ìdí tí nọ́ńbà fi gòkè sí 0.50 ní ìgbésẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn, bí mo ṣe rí i: àwọn tí owó wọn ti tán ló ń pọ̀ sí i nínú àròpọ̀ náà. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn tó ń gòkè tó sì rò pé ìtura ti dé, ó ka ebi sí ohun tí ènìyàn fẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn ahunṣọ ló tún jìyà rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gé owó aṣọ kúrò láti fi kún owó ọkà, ẹni tó ń hun aṣọ pàdánù iṣẹ́ ní àkókò tí ọkà wọ́n fún òun náà. Ìrajà tí kò yẹ̀ níbì kan ló ń mú kí ìrajà yẹ̀ níbòmíràn.

Marshall náà kọ ọ́ sínú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ti 1895, ó sì ní Robert Giffen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ló sọ ọ́, pé ó ṣeé ṣe kí búrẹ́dì gbówó lórí kí ilé tálákà sì ra búrẹ́dì púpọ̀ sí i, nítorí pé wọn kò lè ra ẹran mọ́, búrẹ́dì ṣì ni oúnjẹ tó dínwó jù tí wọ́n lè rí. Èyí kò ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ṣòro láti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ wo ilé wa lókè yìí: láti ìlà àkọ́kọ́, ó lè jẹ ọkà tó 100 bó bá fẹ́, ìyẹn 65 nínú owó rẹ̀, kó sì gé ohun gbogbo yòókù dé 35. Ní ìlà kẹta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, 130 ni ó máa ná. Àyè tí ohun tí Giffen sọ ní láti ṣẹlẹ̀ kéré gan-an: ìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tíì dé góńgó.

Ṣé ká wá gba 0.4 yẹn gbọ́? Ohun kan wà tó dára púpọ̀ nínú bí wọ́n ṣe rí i, ohun kan sì wà tó ń ṣèrù bà mí.

Èyí tó dára ni pé òjò àti òtútù ló ń yí ìkórè pa dà, kì í ṣe ìfẹ́ àwọn tó ń rà. Ìkùn ènìyàn wà bó ṣe wà, ojú ọjọ́ ló ń fa ìwọ̀n ọkà lọ sókè sódò, tí a fi ń rí iye tí àwọn ènìyàn ṣetán láti san fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló gbé owó gòkè, tí gbogbo ilé ń kó ọkà pamọ́ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ogun ń bọ̀, owó á gòkè, ìrajà náà á sì gòkè. Ẹni tó bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣírò á rí nọ́ńbà tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: bí owó àti ìwọ̀n tí wọ́n rà bá jọ gòkè, ìrajà fúnra rẹ̀ ló ṣí kúrò nípò, ẹ má fi ṣe ìṣirò. Ọgbọ́n ojú ọjọ́ yìí náà ni Michael Roberts àti Wolfram Schlenker lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lórí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti sóyà, tí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di agbára oúnjẹ lápapọ̀ fún gbogbo àgbáyé. Nọ́ńbà tiwọn kò tó 0.1. Ó kéré gan-an sí ti Davenant, ìdí kan tí mo sì rí ni ohun tí mo sọ lókè nípa ìrọ́pò: nígbà tí a bá ti da irúgbìn mẹ́rin tó ń bọ́ ayé pọ̀, ibi àsálà tó kù kò tó nǹkan.

Èyí tó ń ṣèrù bà mí ni pé ìkórè kọ́ ni a ń jẹ. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ kúrò, ìwọ̀n irúgbìn náà kì í sì dín kù nítorí pé ìkórè dín. Ká ní ìkórè mẹ́rin ni irúgbìn kan ń mú wá ní ọdún tó dára, tí 25 nínú 100 fi jẹ́ irúgbìn. Ó ku 75 fún jíjẹ. Nígbà tí ìkórè bá di 50, tí a bá tún yọ 25, 25 péré ló kù. Tábìlì sọ pé ìdajì ló lọ, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló lọ. Bí a bá tún gbogbo ọ̀nà náà ṣírò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, pẹ̀lú àárín gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, ìkórè fún wa ní 0.48, oúnjẹ tó kù fún jíjẹ sì fún wa ní 0.72. Ìrajà ṣì wà lábẹ́ 1, ṣùgbọ́n kò gan tó bó ṣe fara hàn.

Ọkà inú àká ń fa ọ̀rọ̀ náà sí apá kejì. Bí ọkà ọdún tó kọjá bá ṣì wà nílẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ojú omi bá kó òmíràn dé, ohun tí a jẹ kò ní dín tó bí ìkórè ṣe dín. Davenant mọ èyí. Ó yin àwọn ará Họ́láńdì fún àká ńlá wọn, ó sì ṣàròyé pé ohun tó ń ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ tirẹ̀ nígbà ìkórè kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ lo tábìlì rẹ̀ fún ibòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irúgbìn mélòó ni wọ́n ń yọ àti àká mélòó ló kún.

Irúgbìn yìí kan náà ló sọ ẹni tó jèrè. Àpapọ̀ owó gòkè láti 100 sí 275, ó sì dà bíi pé àgbẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ńlá ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àgbẹ̀ kékeré tó kórè àpò mẹ́wàá, tó ń yọ méjì ààbọ̀ fún irúgbìn, tí ilé rẹ̀ sì ń jẹ márùn-ún, ní àpò méjì ààbọ̀ láti tà ní ọdún tó dára. Nígbà tí ìkórè rẹ̀ bá di méje, kò ní nǹkan kan láti tà, ó tún ní láti ra ààbọ̀ àpò kún un ní owó 260. Ẹni tó ń ta ọkà ní ọdún kan di ẹni tó ń rà á ní ọdún kejì, ní ìgbà tó wọ́n jù gan-an.

Ìlà márùn-ún náà kò sọ nǹkan kan nípa ọdún tí ọkà bá pọ̀ jù. William Stanley Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé tábìlì náà yẹ̀ wò ní 1871, fi àgbékalẹ̀ kan bá a mu, tí p jẹ́ owó ọkà, tí x jẹ́ ìkórè, tí 1 sì dúró fún ọdún tó dára:

```
p = 0.824 / (x - 0.12)^2
```

Ó sún mọ́ ìlà Davenant dáadáa: ní 0.9 ó fún wa ní 1.35, ní 0.5 ó fún wa ní 5.71. A lè tì í kọjá ibi tí Davenant dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tiwa ni tó bá já. Bí ìkórè bá jẹ́ 1.2, owó á di 0.71, àpapọ̀ owó á sì wá sílẹ̀ láti 1.06 sí 0.85. Àgbẹ̀ kórè ìdá kan nínú márùn-ún sí i, owó tó wọlé fún gbogbo wọn lápapọ̀ sì fi ìdá kan nínú márùn-ún dín. Ìkùn tó ti yó kò ní rà sí i nítorí pé ọkà di ọ̀pọ̀.

Àwọn tó ni ilẹ̀ mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ya tábìlì kankan. Ní 1689, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìwé Davenant, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn onílẹ̀ kún inú rẹ̀, ṣe òfin pé kí ìjọba san ṣílè márùn-ún fún ẹnikẹ́ni tó bá kó kọ́tà àlìkámà kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkà, lọ sí òkèèrè, níwọ̀n ìgbà tí owó kọ́tà kan nílé kò bá ju ṣílè 48 lọ. Nígbà tí ọkà bá pọ̀, òfin náà á fa díẹ̀ jáde kúrò lọ́jà ilé, owó ohun tó kù á sì gòkè ju bí ohun tó jáde ṣe tó lọ. Owó ìlú ni wọ́n fi ń san ṣílè márùn-ún náà, alágbàṣe tó ń ná ìdajì owó rẹ̀ lórí ọkà sì wà lára àwọn tó ń san án, nínú owó orí bíà tó ń mu.